Omi tó ń kún orí ọmọ ọwọ́, àti rọ́bà tó ń gbé e lọ sí ikùn

Ká ní wọ́n bí ọmọ kan ní Ìkòròdú, tí orí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 lọ́jọ́ ìbí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ìyá rẹ̀ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì fi téèpù yí orí náà ká, ó bá 40. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó di 44. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lóṣù ni orí ọmọ sábà máa ń fi kún un. Tọmọ yìí ti tó bíi ìlọ́po méjì ìyẹn. Àwọn ará ilé á ní bàbá rẹ̀ náà lórí ńlá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí orí ńlá wà nínú ìdílé mìíràn lóòótọ́, àmọ́ irú orí bẹ́ẹ̀ kì í sáré. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà bí ti ọmọ yòókù.

Omi ló ń ti orí yìí. Nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn, yàrá kékeré mẹ́rin wà tí omi mímọ́ gaara wà nínú wọn. Inú àwọn yàrá náà ni ẹran tín-ín-rín kan ti ń sẹ́ omi yìí jáde láti inú ẹ̀jẹ̀, tọ̀sán tòru. Ti àgbàlagbà tó nǹkan bí ìdajì lítà lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni omi tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ju bíi mílílítà 150 lọ. Nítorí náà, omi tuntun ń rọ́pò ti àtijọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́.

Yàrá ńlá méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ni omi ti ń ṣàn bọ́ sí ìkẹta tó wà láàárín. Láti ibẹ̀ ó gba ihò tóóró kan wọ ìkẹrin, ó sì jáde yí ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn ká. Níkẹyìn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà ní àtàrí fà á mu padà. Ihò tóóró yẹn ló rọrùn jù láti dí. Wọ́n bí àwọn ọmọ kan pẹ̀lú rẹ̀ ní fífún. Ti àwọn mìíràn, àrùn yínrùnyínrùn tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú orí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló fi àpá dí ọ̀nà. Ọmọ tí ògóóró ẹ̀yìn rẹ̀ kò dì pọ̀ dáadáa náà sábà máa ń ní in. Ẹran tó ń sẹ́ omi kò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, kò sì ní dáwọ́ dúró.

Eegun orí ọmọ ọwọ́ kò tíì so pọ̀, nítorí náà orí ló ń fẹ̀. Ìyẹn ń dín ìfúnpá kù fún ọpọlọ fúngbà díẹ̀, ó sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ, torí ọmọ á ṣì máa mu ọmú, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àwùjẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó, tí kò sunkún, nítorí ẹkún nìkan lè mú àwùjẹ̀ ọmọ tó ní ìlera yọ sókè. Bí ó bá le tí ó sì wú ní ìdákẹ́jẹ́, tí iṣan orí hàn gbangba, tí ẹyinjú ń wọlẹ̀ tí funfun rẹ̀ sì hàn lókè, kì í ṣe ọ̀ràn tí a ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ nígbà ìwẹ̀. Títẹ orí kò ṣí ihò kankan.

Láti Ìkòròdú, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà ni wọ́n sábà máa ń darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Dókítà iṣẹ́ abẹ ọpọlọ á dá ihò kékeré sí eegun orí, á ti rọ́bà rírọ̀ kan wọ yàrá omi. Rọ́bà náà á gba abẹ́ awọ lẹ́yìn etí, ọrùn àti àyà sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn, níbi tí ara ti ń fa omi náà mu padà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ká rọ́bà tó gùn sílẹ̀ nínú ikùn kí ó lè tó ọmọ bí ó bá ga. Fáfù tó wà lójú ọ̀nà ló ni iṣẹ́ gan-an: bí ọmọrí ìkòkò ló ṣe ń dúró, kò gbé àfi tí ohun tó wà nísàlẹ̀ bá lágbára tó. Láìsí i, omi á ṣàn ju, àwùjẹ̀ á jìn, ọpọlọ á sì fà sẹ́yìn kúrò lára eegun. Ní 1956, John Holter, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní Filadẹ́fíà, ló ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, nítorí ọmọ tirẹ̀.

Rọ́bà yìí kò ṣí ihò tó dí. Ọ̀nà mìíràn ló là, ọ̀nà náà sì lè dí pẹ̀lú: nǹkan bí ọmọ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni tiwọn ń bàjẹ́ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ká ní ọmọ Ìkòròdú yẹn pé oṣù mẹ́jọ, tí ó ń bì, tí ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwùjẹ̀ sì tún le. Wọ́n lè pè é ní ibà tàbí eyín. Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, tí awọ ojú ọ̀nà rọ́bà pọ́n, kòkòrò àrùn ti lè wọ inú rẹ̀, èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú méjèèjì, kò yẹ kí a dúró di ọjọ́ kejì, nítorí wákàtí díẹ̀ lè tó láti pa ọmọ. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ Máìlì Túẹ́lùfù wà lára ohun tí òbí gbọ́dọ̀ ṣírò, àti ìwé tí wọ́n kọ irú fáfù náà sí, kí dókítà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru má bàa máa méfò.