Bí a ṣe ń kọ ìwé ìbánikẹ́dùn ní èdè Potogí sí ẹlẹgbẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ kú

Ní Bùràsíìlì, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí bàbá ẹnìkan bá kú ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ti sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ Rú tó ṣú. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn ni wọ́n ń ṣe velório, ìyẹn ìjókòó ti òkú, tí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò máa ń wá wo pósí kí wọ́n tó gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Òfin iṣẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní CLT, ní abala 473, yọ̀ǹda ọjọ́ 2 tó tẹ̀ léra fún òṣìṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kú, láìyọ owó rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọjọ́ 8, ṣùgbọ́n ọjọ́ 2 yẹn ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni. Kò sí pé à ń gbé òkú sí mọ́ṣúárì títí ẹbí yóò fi dá ọjọ́ ìnáwó. Ọjọ́ tí a gbọ́ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìwé ìbánikẹ́dùn gbọ́dọ̀ dé, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí a kọ ọ́ sí kà á lórí fóònù níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń kúrú.

Ẹni tó bá ń kọ ọ́ láti Èkó tún ní láti wo aago. Èkó fi wákàtí 4 ṣáájú São Paulo. Láti 2019 tí Bùràsíìlì ti ṣíwọ́ sísún aago síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló rí yípo ọdún. Nígbà tí aago 9 àárọ̀ bá lù l'Ékòó, aago 5 ìdájí ni lọ́hùn-ún. Bí fóònù ẹni tí kò sùn mọ́jú bá dún lásìkò yẹn, inú rere olùránṣẹ́ ti di ìnira. Ímeèlì kì í pariwo, nítorí náà ó ṣeé fi ránṣẹ́ nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ pé WhatsApp ni ẹ ti máa ń bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ dúró di ọ̀sán Èkó. Ẹ má sì fi ṣe èsì lábẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé tuntun ni kó jẹ́, kí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ *Meus sentimentos*, mo bá ọ kẹ́dùn, nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní São Paulo, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì wà l'Ékòó. Ó ti tó ọdún kan tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe ìròyìn ìnáwó oṣooṣù, wọn kò sì tíì fojú kan ara wọn rí. Ní ìgbà bíi mélòó kan, obìnrin náà ti mẹ́nu bà á pé ọ̀dọ̀ bàbá òun ní Campinas lòun ti máa ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Rú, ọ̀gá wọn kọ̀wé sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé bàbá náà ti kú. Ìròyìn oṣù sì gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ Ẹtì.

Tí ẹlẹgbẹ́ ti Èkó bá kọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, tó wá yí i sí Potogí, ohun tí yóò jáde kò ní jìnnà sí èyí:

> Prezada Fulana, desculpe pela morte do seu pai. O que aconteceu? Quantos anos ele tinha? Ele está num lugar melhor. Seja forte. Qualquer coisa, estou à disposição. Atenciosamente,

(Fulana ni Lágbájá lọ́dọ̀ wọn, tó bá jẹ́ obìnrin.) Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ yóò dun ẹni tó bá kà á. *Prezada* àti *Atenciosamente* ni ilé ìfowópamọ́ fi ń kọ̀wé sí oníbàárà. *Desculpe* ni ẹni tó tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ fi ń tọrọ àforíjì. Pẹ̀lẹ́ tiwa ló sábà máa ń ti èèyàn síbẹ̀, nítorí pé pẹ̀lẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀ràn méjèèjì. Ìbéèrè méjì tó tẹ̀ lé e ń fẹ́ èsì lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára àtifèsì. Bẹ́ẹ̀, nínú Yorùbá, ìbéèrè ọjọ́ orí ní ìdí pàtàkì: òun ló ń sọ bóyá òkú ọ̀fọ̀ ni tàbí òkú àgbà, bóyá ká bá wọn sunkún tàbí ká kí wọn kú ìnáwó. Ìwé Potogí kò pín ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìbá à jẹ́ ẹni ọdún 95 ni bàbá náà, ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ìwé ń bá sọ̀rọ̀, a kì í sì í bá a yọ̀ pé bàbá jẹun pẹ́.

*Seja forte*, mọ́kàn le, jẹ́ àṣẹ. *Ele está num lugar melhor*, ó ti wà níbi tó sàn ju ibí lọ, jẹ́ ẹ̀rí nípa ohun tí a ò rí, fún ẹni tí a ò mọ ohun tó gbà gbọ́. Ní tèmi, gbólóhùn tó burú jù nínú wọn ni èyí tó jọ pé ó dára jù, *qualquer coisa, estou à disposição*: ohunkóhun tó bá wà, mo wà ńlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́, ó sì ń fi wàhálà ìrònú lé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́wọ́, pé kó lọ wá ohun tí yóò bẹ̀ wá fún.

Ìwé tó yẹ kó lọ nìyí:

> Fulana,
>
> Soube hoje de manhã do falecimento do seu pai e sinto muito. Lembro-me do carinho com que você falava dele e dos almoços de domingo em Campinas. Não se preocupe com o relatório de sexta: eu termino e envio. Não precisa responder a esta mensagem.
>
> Meus sentimentos a você e à sua família.
>
> Um abraço,

Ẹ wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ìgbà tí a gbọ́: àárọ̀ òní ni mo gbọ́ pé bàbá rẹ di olóògbé, ó dùn mí gan-an. *Falecimento* ni ọ̀rọ̀ ìwé fún ikú, ó wúwo, kò sì le létí. Kò pọn dandan, ẹni tó bá kọ *morte* kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ pátápátá. Ìwé tó bá ń sọ nípa "àsìkò líle yìí" láìdárúkọ bàbá, àfi bí ẹni pé olùkọ ń sá fún òkú.

Gbólóhùn kejì nìkan ni èèyàn mìíràn kò lè kọ. Olùkọ kò mọ bàbá náà, nítorí náà kò yìn ín. Ohun tí ó mọ̀ ló sọ: ọ̀yàyà tí ọmọ fi máa ń dárúkọ bàbá rẹ̀, àti oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ní Campinas. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó. Tí kò bá sí rárá, ẹ fò ó, ìwé náà á ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí èèyàn wá fi ìtàn ikú bàbá tirẹ̀ dí àyè yẹn, tàbí kó kọ pé òun mọ bó ṣe ń rí lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta gbé ẹrù kan pàtó kúrò lọ́rùn rẹ̀: má ṣèyọnu nípa ìròyìn ọjọ́ Ẹtì, èmi á parí rẹ̀, màá sì fi ránṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè bóyá kí òun ṣe é. Ẹ má kọ ọ́ àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹ ó ṣe é lóòótọ́, kí ẹ sì ti bá ọ̀gá sọ ọ́ kí ìwé tó lọ. Ẹ̀kẹrin tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ èsì.

*Meus sentimentos* ni àwọn ará Bùràsíìlì ń lò jù lójoojúmọ́. *Meus pêsames* náà dára, àmọ́ ó le díẹ̀ sí i, bí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ìjọba. Ẹyọ kan nínú méjèèjì ni kí ẹ mú, ẹ má kó wọn pọ̀. *Um abraço*, ìdìmọ́ra kan, ni ìparí tó bá ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ mu láàárín ọkùnrin àti obìnrin láìmú ìfura wá. *Beijos* jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́.

Ọlọ́run kò sí nínú ìwé yìí, ó sì lè ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé ìbánikẹ́dùn wa kì í parí láìsí àdúrà. Ẹ̀sìn tí ẹ kò mọ̀ ló fà á. Onígbàgbọ́ Àgùdà ń gbàdúrà fún ẹ̀mí òkú, ṣùgbọ́n àwọn evangélicos, ìyẹn àwọn Kìrìsítẹ́nì tí kì í ṣe Àgùdà, tí wọ́n pọ̀ gan-an ní Bùràsíìlì lónìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà *que a alma dele descanse em paz*, kí ẹ̀mí rẹ̀ sinmi ní àlàáfíà, lè bọ́ sọ́nù lọ́dọ̀ wọn. Tó bá dá yín lójú pé onígbàgbọ́ ni ẹlẹgbẹ́ yín, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń dárúkọ Ọlọ́run, gbólóhùn kan wà tí Àgùdà àti evangélico á jọ gbà: *Que Deus conforte você e sua família*, kí Ọlọ́run tu ìwọ àti ẹbí rẹ nínú. Alààyè ni ó ń gbàdúrà fún. Ṣùgbọ́n "Ẹ̀yìn bàbá á dára" àti "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi irú rẹ̀ gbara" kò ṣeé yí sí Potogí. Tí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀, ẹni tó ń kà á á dúró máa wá ìtumọ̀.

Tó bá jẹ́ Lísíbọ̀n ni ẹlẹgbẹ́ náà wà, àwọn nǹkan kan á yí padà. Ní Pọ́túgàl, *você*, tí àwọn ará Bùràsíìlì fi ń pe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, lè le létí, nítorí náà àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ti mọ ara wọn dáadáa ń lo *tu*, ìyẹn ìwọ: *o teu pai*, *a ti e à tua família*. Tí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ lo *o seu pai*, kí ẹ yọ *você* kúrò pátápátá: *Os meus sentimentos, extensivos à família.* *Lamento muito* náà wọ́pọ̀ níbẹ̀ dípò *sinto muito*. Ọjọ́ 5 ni òfin wọn fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú.

Tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gbọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ *Só hoje soube do falecimento do seu pai*, òní nìkan ni mo gbọ́ pé bàbá rẹ di olóògbé. Àlàyé ìdí tí ẹ fi pẹ́ kò pọn dandan.

Èsì tó sábà máa ń wá kò ju *Obrigada pelo carinho*, mo dúpẹ́ fún ọ̀yàyà rẹ, lọ, tó bá tilẹ̀ wá. Ẹ má fèsì sí i. Bí ẹbí bá jẹ́ Àgùdà, máàsì ọjọ́ keje, *missa de sétimo dia*, ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n sì lè fi ìkéde rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó jìnnà lè fi ìlà kan dáhùn ìkéde yẹn: *Estarei com vocês em pensamento*, ọkàn mi yóò wà pẹ̀lú yín. Àmọ́ ẹ má ṣe ṣáájú ẹbí béèrè ọjọ́ máàsì, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣe é rárá. Nígbà tí obìnrin náà bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ó bá ìròyìn ọjọ́ Ẹtì ní ibi tó yẹ kó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó péye, kí ìwé àkọ́kọ́ tó máa gbà láti Èkó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán.