Bí pírọ́jẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìlà

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Tankẹ, ní Ìlọrin, kọ̀ǹpútà kan àti púríńtà kan ló wà. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin wọlé tẹ̀ léra wọn láàárọ̀, tí àárín wọn kò sì tó nǹkan. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì ẹni àkọ́kọ́ yóò gba ìṣẹ́jú 20 lórí púríńtà. Ìwé kíláàsì ti ẹnì kejì yóò gba 7, ìwé ìwáṣẹ́ ti ẹnì kẹta yóò gba 2, lẹ́tà ẹnì kẹrin kò ju ìṣẹ́jú 1 lọ.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń tẹ̀ lé òfin ẹni tó kọ́kọ́ dé, pírọ́jẹ́ẹ̀tì kò dúró rárá. Ìwé kíláàsì dúró fún ìṣẹ́jú 20, ìwé ìwáṣẹ́ dúró fún 27, lẹ́tà sì dúró fún 29. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú 19 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní lẹ́tà olójú-ìwé kan ló jìyà jù, òun náà ni yóò sì máa pariwo pé, “Aáfà, ojú ìwé kan péré ni, ẹ dákun!”

Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu ju bí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ṣe rò lọ. Ká jẹ́ kí iṣẹ́ tó kúrú jù ṣíwájú: lẹ́tà kò dúró, ìwé ìwáṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú 1, ìwé kíláàsì fún 3, pírọ́jẹ́ẹ̀tì fún 10. Àròpọ̀ di 14, ó wá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Púríńtà kò sáré sí i o. Ìṣẹ́jú 30 náà ni gbogbo iṣẹ́ gbà lọ́nà méjèèjì.

Níbo ni èrè ọ̀hún ti wá? Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ kan ló ń fi ara gba gígùn iṣẹ́ náà. Nígbà tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì wà níwájú, ènìyàn mẹ́ta ló ń san ìṣẹ́jú 20 rẹ̀, ìyẹn 60 nínú 76 tí a kà lókè. Tí lẹ́tà bá wà níwájú, àwọn mẹ́ta náà ló ń san án, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 1 péré ni. Ẹ mú iṣẹ́ méjì tó fara kan ara wọn, 20 níwájú 7, kí ẹ pààrọ̀ wọn: ẹni 7 jèrè ìṣẹ́jú 20, ẹni 20 pàdánù 7, kò sì sí ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Èrè 13 ló kù. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tó gùn bá ṣì wà níwájú èyí tó kúrú níbì kan, a ṣì lè pààrọ̀ wọn ká jèrè. Nítorí náà, bí gbogbo iṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀, kò sí ètò mìíràn tó lè mú kí ìpíndọ́gba ìdúró kéré ju èyí lọ.

Lórí Linux, CUPS ló sábà máa ń tọ́jú ìlà púríńtà. Kì í wo gígùn iṣẹ́. Ipò láti 1 dé 100 ló ń wò, 50 sì ni iṣẹ́ ń bá wọlé bí a kò bá yan òmíràn fún un. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lè gbé lẹ́tà sókè fúnra rẹ̀, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ 41:

```
lp -i 41 -q 90
```

Àṣẹ yìí kò lè dá iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ dúró. Ká ní pírọ́jẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà nìkan ló wà: bí lẹ́tà bá dé lẹ́yìn tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì ti lo ìṣẹ́jú 1, yóò dúró fún 19 lábẹ́ òfin méjèèjì. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ lè gbé iṣẹ́ gígùn sílẹ̀ láàárín, kó ṣe kékeré, kó padà sí i. Ṣùgbọ́n ìṣòro tirẹ̀ ni pé kò mọ gígùn iṣẹ́ ṣáájú bí a ṣe ń ka ojú ìwé. Àfojúbù ló ń lò: ó lè fi èyí tó rò tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an kún ara wọn, kó pín in sí méjì. Bó bá rò pé 8 ni, tó wá jẹ́ 4, yóò fọkàn sí 6 nígbà mìíràn.

Ewu tó tóbi jù ni ti oní-pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí lẹ́tà oníṣẹ́jú 1 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó lè jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìpíndọ́gba yóò sì máa dára lójú ẹni tó ń ka òun nìkan. Ìdúró ẹni tó pẹ́ jù ló ń tú àṣírí. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a máa yọ ìṣẹ́jú 1 nínú gígùn iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó ti dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 19, pírọ́jẹ́ẹ̀tì ti di 1, òun àti lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá di ọgbọọgba. Nígbà náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò gba púríńtà.