Ẹ Yé Di Rọ́bà Mẹ́rin Mọ́ Kànnàkànnà

Bí ọjọ́ ọjà bá ti kò ní Ọ̀mù-Àrán níbí, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á gbé kànnàkànnà wá bá mi, á ní: "Bàbá, ẹ bá mi fi rọ́bà kún un, kò lágbára mọ́." Ẹni tó wá kẹ́yìn ti di tíúbù táyà tírélà mẹ́rin léra wọn ní apá kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fà á kí n wò ó. Ọmọkùnrin náà sán gìrìgìrì, apá ń gbọ̀n, awọ kò tilẹ̀ kọjá àyà rẹ̀. Ó ta òkúta kékeré kan sí agolo tí mo gbé kalẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n, òkúta sì gba ẹ̀gbẹ́ agolo lọ. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá kan àdàbà, pé ẹyẹ ilé wọn kì í ṣe lásán. Àdàbà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ o.

Ohun tí ẹ kò rò ni pé rọ́bà ní láti gbé ara rẹ̀ kó tó gbé òkúta. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, rọ́bà náà ń sáré padà, ìwọ̀n eré tó lè sá ló sì máa fún òkúta. Ẹ kì í rí òkúta tó yá ju rọ́bà tó tì í lọ. Bí ẹ bá wá di mẹ́rin léra, agbára tó wọ̀ ọ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni rọ́bà fi ń gbé ìwúwo ara rẹ̀. Òkúta tó tóbi ni rọ́bà púpọ̀ wà fún. Ẹ fi òkúta kékeré sí i, ẹ kò rí ju eré díẹ̀ lọ, ẹ sì ti fi apá yín san owó rẹ̀. Apá tó ń gbọ̀n kò lè dúró sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tàsé. Ẹyẹ tí ẹ bá fi irú rẹ̀ gbá ní ìyẹ́ á fò lọ kú sínú igbó, ẹ kò ní rí i jẹ.

Rọ́bà pàápàá yàtọ̀ síra. Tíúbù táyà ayé ìsinsìnyí kì í ṣe rọ́bà tó ń jáde lára igi. Rọ́bà àtọwọ́dá ni wọ́n fi ṣe é nítorí pé kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò. Ohun tó dára fún fọkanáísà nìyẹn, kò dára fún ọdẹ, torí ó ń lọ́ra padà. Rọ́bà igi gan-an, irú èyí tó rí yẹ́lò tí wọ́n fi ń di apá aláìsàn kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, tàbí rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń tọ́jú eegun ń lò fún eré ìmárale, máa ń gbọn ara rẹ̀ padà kíákíá. Ó tún lè nà ju tíúbù lọ. Tíúbù ní tirẹ̀ rọrùn láti rí, oòrùn kò sì tètè bà á jẹ́. Ẹ mú èyí tí agbára yín ká, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí ẹ mú dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tún ti ọmọkùnrin yẹn ṣe, torí ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ní kó na ọwọ́ tó di igi mú síwájú, kó fa okùn lásán dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, níbi tí àtàǹpàkò fi kan èèké. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 80. Rọ́bà igi pẹlẹbẹ máa ń nà dé ìlọ́po márùn-ún kó tó dúró dáadáa, nítorí náà mo pín 80 sí márùn-ún, ó jẹ́ 16. Sẹ̀ǹtímítà 16 ni rọ́bà tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdè kan sí èkejì, mo sì fi díẹ̀ kún un lókè àti nísàlẹ̀ fún ìdè. Bó bá jẹ́ pé tíúbù ló fẹ́, ìlọ́po mẹ́ta ni ǹ bá pín in sí, nǹkan bíi 27. Ẹni tó bá fẹ́ kí rọ́bà pẹ́ lè pín sí mẹ́rin dípò márùn-ún, á pàdánù eré díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gé e ní fífẹ̀ mílímítà 25 níbi ìwo igi, tí ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ dé 15 níbi awọ. Ìdí tó fi ń tẹ́ẹ́rẹ́ ni pé ìdí awọ ló ń sáré jù, ohun tó bá wúwo níbẹ̀ ló ń dín eré kù. Abẹ ìfárí tuntun àti rúlà onírin ni mo fi gé e, mi ò fi àlùmọ́gàjí gé e, torí àlùmọ́gàjí ń jẹ etí rọ́bà, ibi tó bá jẹ sì ni yóò ti fà ya. Mo to apá méjèèjì léra, mo wò wọ́n lójú òòrùn. Bí ọ̀kan bá fi bí irun gùn tàbí fẹ̀ ju èkejì, awọ á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà gbogbo, ẹ ó sì máa bú ojú yín. Èmi kì í fi rọ́bà tí kò dọ́gba ránṣẹ́ síta láti ìsọ̀ mi.

Nípa awọ, ahọ́n bàtà aláwọ tó rọ̀ ti tó. Kó gba òkúta yín kó sì lè pa ẹnu dé, kó má tóbi bí ìbòrí. Ihò méjèèjì kí ó wà lójú ìlà kan.

Igi ni àwọn ènìyàn tún ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Igi gúrófà dára, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa lábẹ́ ibòji. Ìwo tó bá ga gogoro sókè ọwọ́ ń yí ọrùn ọwọ́ padà bí ẹ bá fa rọ́bà, nítorí náà kí ó kúrú. Kí àlàfo àárín ìwo tó ìka mẹ́ta, kí òkúta má baà kàn án. Ẹ wá fi sánpépà ha gbogbo etí ibi tí rọ́bà ń gbà kọjá. Etí mímú níbẹ̀ máa ń gé rọ́bà lábẹ́ ìdè, níbi tí ojú kò ti rí i. Rọ́bà tó bá já níbi awọ ń fò síwájú lọ sí ọ̀dọ̀ igi. Èyí tó bá já níbi ìwo, ojú ẹni tó fà á ló ń bọ̀. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi ń jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi awọ: bó bá máa já, mo fẹ́ kó já níbẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta oògùn kànnàkànnà. Wọ́n á fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìgò àdí pẹ̀lú ohun dúdú nínú rẹ̀, wọ́n á ní kó fi pa rọ́bà lóru, kó lè máa bá ẹyẹ. Epo kì í bá rọ́bà igi ṣọ̀rẹ́! Àdí, epo pupa, òróró, kẹrosíìnì, fasilíìnì, gbogbo wọn ló ń wọ inú rọ́bà, tí á wú, tí á rọ̀, tí á sì di àjákù láìsí àpá kankan lójú. Ọ̀dọ́ kan láti apá Òrò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fà á dé èèké, rọ́bà já níbi ìwo, ó sì nà án ní ojú ọ̀tún. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ṣùgbọ́n ojú náà kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ta oògùn fún un ní kò tẹ̀lé èèwọ̀.

Ẹ máa wọ jígí tó le bo ojú. Ẹ máa na rọ́bà díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbi ìwo àti níbi awọ: bí ẹ bá rí ihò kékeré, etí tó ti ya, tàbí ìlà wẹ́wẹ́ tí oòrùn dá sí i, ẹ tú u. Ẹ má tú awọ sílẹ̀ láìsí òkúta nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì ti fi epo pa, ẹ má gbé e wá bá mi, mi ò ní bá yín tún un dì.