Aṣọ òkè kan náà, kọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí a ṣe ń kọ orúkọ ọjà kí ẹrù má baà há sí ibodè

Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà a máa ra gèlè, fìlà àti agbádá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ òkè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹrù tó sábà máa ń pẹ́ lọ́nà kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Èyí tí wọ́n kọ `cloth` tàbí `traditional attire` sí lára ni, tí kọ́ọ̀dù tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń mọ irú ọjà, sì jẹ́ èyí tí ẹnì kan kàn dà kọ láti ara ọjà ẹlòmíràn.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn aṣọ́bodè kì í kọ́kọ́ rí ẹrù fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí ni ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ti fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kí bàálù tó balẹ̀: kí ni ọjà náà, kọ́ọ̀dù wo ni, mélòó ni, èló ni, níbo ni wọ́n ti ṣe é. Bí orúkọ ọjà bá sọ ohun kan tí kọ́ọ̀dù sì sọ òmíràn, wọn a dá ẹrù náà dúró, wọn a béèrè àlàyé, bí èsì ò bá sì tètè dé, wọ́n lè dá a padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Ìjọba Àpapọ̀ Yúróòpù ti ń béèrè kọ́ọ̀dù onínọ́ńbà mẹ́fà lórí páálí tó ń bá bàálù wọlé, ì báà jẹ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ bíi `gift` tàbí `sample` gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà. Amẹ́ríkà ní tiwọn ti fòpin sí àǹfààní tí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ ń ní láti wọlé láìsan owó ibodè. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Gèlè kan ṣoṣo pàápàá ti nílò kọ́ọ̀dù tó péye báyìí.

Kọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ń pè ní HS. Àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé, tí ibùjókòó wọn wà ní Brọ́sẹ́ẹ̀lì, ló ń tọ́jú ìwé rẹ̀. Ọdún 1988 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀dà 2022 sì ni a ń lò lọ́wọ́. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ orí tí ọjà wà nínú ìwé náà, mẹ́rin ń sọ ìdílé rẹ̀, mẹ́fà ń sọ ẹ̀ka rẹ̀ gan-an. Mẹ́fà yìí kan náà ni káríayé. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: Nàìjíríà, Bírítéènì àti Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ di mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìrù tí ọ̀kan fi kún un kì í ṣe ti èkejì. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ra ọjà bá wà ní Amẹ́ríkà, inú ìwé Amẹ́ríkà ni kí ẹ ti wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kù.

Ní ti aṣọ òkè, ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé olùtajà ń wá kọ́ọ̀dù fún “aṣọ òkè”, bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò mọ aṣọ òkè. Ohun tó mọ̀ ni ipò tí aṣọ wà nígbà tó kọjá ibodè, àti irú òwú tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ipò yẹn ṣáájú.

Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti orí òfì bọ́, tí a ká jọ láìtíì rán an, tí ó ní etí híhun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, abẹ́ 5806 ló wà. Aṣọ òkè tó fẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ́ síbẹ̀ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ òwú gidi, ìyẹn `cotton`, 5806.31 ni, bí ó bá jẹ́ òwú àtọwọ́dá bíi pólíẹ́sítà tàbí rẹ́yọ́ọ̀nù, 5806.32 ni. Ṣùgbọ́n aṣọ gbígbòòrò tó ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun lórí òfì ìdúró, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí òwú gidi inú rẹ̀ bá tó ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n rẹ̀ ló máa sọ ibi tó ń lọ: gíráàmù 200 fún mítà onígun mẹ́rin kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 5208, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 5209. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ gé ègé kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ́nà méjèèjì, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, kí ẹ sì fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Gíráàmù 2.6 túmọ̀ sí 260, 5209 nìyẹn.

Tí aránṣọ bá ti wá fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin ìwé náà sọ pé aṣọ tí a rán pọ̀ ti di ohun tí a ti ṣe parí. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn so irú aṣọ kan náà ní orí sí ìdí kí ó lè gùn sí i, kò kà á sí rírán pọ̀. Gèlè tí a rán báyìí ti kúrò ní 5806, ó ti di 6214, níbi tí ìbòrùn àti ìborí wà. Gèlè òwú jẹ́ 6214.90, gèlè pólíẹ́sítà jẹ́ 6214.30, ti rẹ́yọ́ọ̀nù jẹ́ 6214.40. Fìlà ní tirẹ̀ jẹ́ 6505.00, òwú yòówù kó wà nínú rẹ̀. Ìró tí a rán pọ̀ láìní ìgbànú tàbí bọ́tìnnì ló ṣòro jù, nítorí pé ó wà láàárín aṣọ wíwọ̀ àti aṣọ lásán. Ẹ má ṣe méfò lórí èyí.

Ohun kejì ni òwú. Ìwọ̀n irú òwú kọ̀ọ̀kan ni òfin ń wò, kì í ṣe iye owó rẹ̀ tàbí bí ó ṣe ń dán. Kí á mú un pé wọ́n lo òwú gidi gíráàmù 540, pólíẹ́sítà gíráàmù 270 àti ṣáìn-ṣáìn gíráàmù 90 fún gèlè kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 900, òwú sì kó ìdá ọgọ́ta. Gèlè òwú ni, bí ṣáìn-ṣáìn rẹ̀ tilẹ̀ ń fọ́ni lójú. Pàkúté kan wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn: pólíẹ́sítà àti rẹ́yọ́ọ̀nù ni a ń kà pọ̀ bí a bá fẹ́ fi wọ́n wé òwú. Bí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bá jẹ́ òwú ìdá 45, pólíẹ́sítà 30 àti rẹ́yọ́ọ̀nù 25, òwú ló dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù jẹ́ 55 lápapọ̀. 5806.32 ni aṣọ náà.

Ẹni tó ń ra aṣọ tí wọ́n ti hun sílẹ̀ lọ́jà lè má mọ irú òwú tí wọ́n lò. Kí ó fa òwú kan yọ, kí ó sì fi iná sí i. Òwú gidi ń jó bíi bébà, eérú rẹ̀ sì fúyẹ́. Rẹ́yọ́ọ̀nù náà ń jó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iná nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Pólíẹ́sítà ń yọ́, ó sì ń di kókó líle. Sẹ́dà ń rùn bí irun tó jóná. Èyí ṣe pàtàkì fún sányán, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a ń tà ní orúkọ yẹn lónìí jẹ́ òwú tàbí rẹ́yọ́ọ̀nù tí a pa láró sányán. Bí ojú ìwé ọjà yín bá sọ pé `silk`, tí kọ́ọ̀dù sì jẹ́ ti òwú, ẹ ti fúnra yín kọ àríyànjiyàn sílẹ̀ fún aṣọ́bodè.

Wàyí o, kí á sọ pé oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀n ra gèlè yẹn, fìlà méjì àti ìdì aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìlà mẹ́ta ni yóò wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ìlà kan:

```
Women's head scarf, woven, sewn, 60% cotton 30% polyester 10% metallised yarn, 1 pc - 6214.90
Men's caps, sewn from woven fabric, 100% cotton, 2 pcs - 6505.00
Narrow woven fabric, 100% cotton, 12 cm wide, 1 roll - 5806.31
```

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: ohun tó jẹ́, ẹni tó ń lò ó, bí wọ́n ṣe ṣe é, òwú inú rẹ̀, iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà `woven` kì í ṣe àfikún lásán, torí pé aṣọ híhun lórí òfì wà ní orí 62 nígbà tí aṣọ tí a fi abẹ́rẹ́ hun bíi súẹ́tà wà ní orí 61. Orúkọ Yorùbá lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá dúró. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye owó àti ìwọ̀n tirẹ̀, àpapọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí oníbàárà san mu. Bírítéènì kì í gba owó ibodè lórí ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 135 pọ́n-ùn lọ, àmọ́ owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dín iye owó kù nítorí àtisá fún un, ojú ìwé ọjà rẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí ló máa tú u fó.

Agbádá oní-mẹ́ta tún ní òfin tirẹ̀. Lọ́jà, ẹyọ kan la ń kà á sí, a sì ń dá owó kan lé e. Ìwé HS sọ pé aṣọ wíwọ̀ tí ìdílé wọn yàtọ̀ yóò lọ sí ìdílé kálukú, bí a tilẹ̀ tà wọ́n pọ̀. Ṣòkòtò òwú ọkùnrin jẹ́ 6203.42, agbádá òwú jẹ́ 6211.32. Bùbá lè jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní 6205 tàbí kí ó wà ní 6211, bí wọ́n ṣe ṣe ọrùn rẹ̀ ló máa sọ. Ẹ pín iye owó náà sí mẹ́ta kí ẹrù tó kúrò nílé.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é náà ń dá ẹrù dúró. Òwú tó ti Ṣáínà wá, tí a hun ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti di aṣọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí a bá ra aṣọ tí ẹ̀rọ ti hun ní Ṣáínà, tí a wá rán an ní gèlè níbí, Amẹ́ríkà ṣì ń ka gèlè náà sí ti Ṣáínà, nítorí ibi tí wọ́n ti hun aṣọ rẹ̀ ni òfin wọn ń wò. Owó ibodè rẹ̀ kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti Nàìjíríà.

Fún ohun tó bá ta kókó, bí ìró àti bùbá yẹn, Amẹ́ríkà ti kó ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá sórí `rulings.cbp.gov`. Ẹ wá `wrapper`, `woven` àti `cotton` níbẹ̀, kí ẹ sì ka ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Ìwé kọ́ọ̀dù ti Bírítéènì wà lórí `gov.uk/trade-tariff`. Àwọn méjèèjì tún ń fúnni ní ìdájọ́ lórí ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹrù tó gbéra. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ínfọ́ìsì, lábẹ́ ìlà ọjà náà gan-an.