Èlé láàárín àwọn tó jọ ní òwò: ta ló ń san án fún ta?

Ìbéèrè: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ní bẹ́kírì kan. Mílíọ̀nù mẹ́fà ni mo gbé kalẹ̀, òun gbé méjì, a sì jọ sọ ọ́ pé dọ́gba la ó máa pín èrè. Nígbà tí akáńtáǹtì parí ìwé ọdún, ó fún wa ní èlé lórí owó tá a fi bẹ̀rẹ̀, ó tún gba èlé lọ́wọ́ wa lórí owó tá à ń yọ. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ṣé a ti wá di báńkì fún ara wa ni?

Ìdáhùn: Kò sí kọ́bọ̀ kan tó jáde kúrò nínú bẹ́kírì yín nítorí èlé wọ̀nyẹn. Tẹ́ ẹ bá yá owó ní báńkì, báńkì ló ń gba èlé lọ. Ìnáwó nìyẹn, bí owó fúláwà àti dísù, a ó sì yọ ọ́ kúrò kí a tó mọ èrè. Èyí tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì kì í bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí èrè bá ti fojú hàn. Ọ̀nà tí a fi ń pín èrè náà ni.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ẹ dárúkọ èlé nínú àdéhùn yín rárá. Òfin àjọṣe òwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1890 ni ìpìlẹ̀ èyí tí à ń lò ní Nàìjíríà, ìpín 24 rẹ̀ sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan: dọ́gba ni kí ẹ pín èrè, bí owó tí ẹ gbé kalẹ̀ kò tilẹ̀ dọ́gba, kò sí èlé lórí owó ìpìlẹ̀, kò sì sí owó oṣù fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Owó tí ẹnì kan bá yá òwò náà lé orí iye tó yẹ kó gbé kalẹ̀ nìkan ló ní èlé, 5% lọ́dún. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé akáńtáǹtì ló dá èlé yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹjọ́ ọ̀rẹ́ yín tọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ fẹnu kò sí i, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ká ní 10% lọ́dún lẹ fẹnu kò sí, lórí owó ìpìlẹ̀ àti lórí owó tí ẹ bá yọ. Èrè ọdún jẹ́ ₦3,000,000. Ẹ̀yin yọ ₦400,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ọ̀rẹ́ yín ń yọ ₦100,000 ní ìparí oṣooṣù.

Iye oṣù tí owó náà ti kúrò nínú òwò kí ọdún tó parí la fi ń ṣírò èlé. Tiyín jẹ́ oṣù mẹ́fà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦20,000. Ti ọ̀rẹ́ yín gba sùúrù díẹ̀: èyí tó yọ ní ìparí oṣù kìíní ti jáde fún oṣù mọ́kànlá, ti oṣù kejì fún mẹ́wàá, títí dé ti oṣù kejìlá tí kò lo oṣù kankan. Ẹ kó wọn pọ̀, oṣù 66 ni. Èlé ₦100,000 fún oṣù 66, ní 10% lọ́dún, jẹ́ ₦55,000. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló ń yọ ọ́ ni, oṣù 78 ni ì bá jẹ́, èlé ì bá sì di ₦65,000. Ìdí nìyí tí akáńtáǹtì tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ọjọ́ tí ẹ yọ owó, tí iye nìkan kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn.

A ó wá fi èlé méjèèjì, ₦75,000, kún èrè. Ó di ₦3,075,000. Èlé orí owó ìpìlẹ̀ yín jẹ́ ₦600,000, ti ọ̀rẹ́ yín ₦200,000. Tá a bá yọ ìyẹn kúrò, ₦2,275,000 ló kù, òun la sì pín dọ́gba: ₦1,137,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin: 600,000 + 1,137,500 − 20,000 = ₦1,717,500
Ọ̀rẹ́ yín: 200,000 + 1,137,500 − 55,000 = ₦1,282,500

Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ₦3,000,000 géérégé ni. Bí àròpọ̀ bá yàtọ̀ sí èrè tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìṣirò ti wọ́ níbì kan. Ẹ ò sì ní gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, torí ẹ ti yọ lára rẹ̀ sẹ́yìn. ₦1,317,500 ló kù fún yín nínú bẹ́kírì, ₦82,500 ló kù fún ọ̀rẹ́ yín. Mo fura pé ₦82,500 yẹn gan-an ló dùn ún.

Ìbéèrè: Ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, pé owó oṣù òun ni ₦100,000 yẹn, kì í ṣe pé òun yọ owó. Akọ̀wé wa tilẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ owó oṣù òṣìṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ₦1,200,000 bá bọ́ sáàárín owó oṣù àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, èrè máa rẹlẹ̀ sí ₦1,800,000, èlé ₦55,000 tó yẹ kó san á sì pòórá, ó ku ₦20,000 tiyín nìkan. Lẹ́yìn èlé, ₦510,000 péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Ìpín yín á já sí ₦1,090,000 dípò ₦1,717,500. ₦627,500 ló ti rìn láti ọ̀dọ̀ yín sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí owó. Ẹ wo ìwé owó oṣù: orúkọ tó bá ń gba iye kan náà géérégé lóṣooṣù, tí kò sì sí nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin láti tanná sí ààrò yẹ kó jẹ nǹkan ju ẹni tó gbé owó kalẹ̀ tó sì lọ sùn. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó ń gba owó iṣẹ́, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀. Inú ìpín èrè la ó ti yọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlé owó ìpìlẹ̀, kí ẹ tó pín ìyókù dọ́gba. Búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì kó lọ sí òde ìnáwó, owó yíyọ ni, ní iye tó ná bẹ́kírì láti ṣe é.

Ìbéèrè: Tí èrè ò bá tó èlé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ká ní ₦500,000 lèrè. Pẹ̀lú ₦75,000, ó di ₦575,000, èlé owó ìpìlẹ̀ sì jẹ́ ₦800,000. Ó dín ₦225,000. Bí àdéhùn kò bá ṣe òdiwọ̀n fún èlé náà, ẹ ó jọ gbé àìtó yẹn dọ́gba, ₦112,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin á ní ₦467,500, ọ̀rẹ́ yín ₦32,500. Bí èyí kò bá bá a lára mu, kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pé èlé orí owó ìpìlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju èrè tó wà nílẹ̀ lọ.