Ọ́pídéètì ò mọ ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn nínú tíìmù yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo WordPress ló gbà pé táwọn bá ṣe ọ́pídéètì tíìmù, nǹkan tuntun nìkan ló máa wọlé, ibi táwọn ti fọwọ́ ara wọn tún ṣe á wà bó ṣe wà. Wọ́n á ní ṣebí ìlà kan péré làwọn yí, kí ló kàn án? Irọ́ ni o. WordPress kì í yẹ fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tẹ́ ẹ ti tún ṣe. Ṣe ló máa dáńlóòdù tíìmù tuntun lódindi, á kó fódà àtijọ́ dànù, á wá gbé tuntun sí àyè ẹ̀. Kódà fáìlì tẹ́ ẹ fúnra yín dá sílẹ̀ sínú fódà yẹn máa bá a lọ.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé àwọn nǹkan kan kì í lọ lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá yí àwọ̀ ní Customize, tàbí tẹ́ ẹ kọ CSS sínú Additional CSS, dátábéèsì nìyẹn ń gbé, ọ́pídéètì tíìmù ò sì débẹ̀. Ẹni tó ti rí i pé àwọ̀ òun ò lọ á wá fọkàn balẹ̀, á ṣí Theme File Editor, á lọ tún footer.php ṣe, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ká a mọ́. Àwọn míì ní àwọn ò kàn ní í ṣe ọ́pídéètì mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí ihò táwọn olè lè gbà wọlé, tí wọ́n fi ọ́pídéètì dí, gbayawu ló máa wà lórí sáìtì tiyín, àti pé láti WordPress 5.5 lọ́dún 2020, tíìmù lè máa ṣe ọ́pídéètì fúnra ẹ̀ tẹ́nì kan bá ti tan án.

Ẹ jẹ́ ká mú Twenty Twenty-One, ká ní ẹ fẹ́ yọ "Proudly powered by WordPress" tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan Twenty Twenty-One fúnra ẹ̀ rárá, òun ni tíìmù òbí. Tíìmù ọmọ lẹ máa ṣe, ìyẹn tíìmù kékeré tó ń lo gbogbo ohun tó wà nínú òbí àyàfi èyí tẹ́ ẹ bá fi tiyín rọ́pò. Ẹ lọ sí wp-content/themes, ẹ dá fódà tuntun sílẹ̀, ẹ pè é ní twentytwentyone-omo, kẹ́ ẹ wá ṣe style.css kan sínú ẹ̀:

```css
/*
Theme Name: Twenty Twenty-One Omo
Template: twentytwentyone
*/
```

Ìlà Template yẹn ló ń sọ ẹni tó jẹ́ òbí, orúkọ fódà òbí ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kì í ṣe orúkọ tẹ́ ẹ rí ní Appearance. Tẹ́ ẹ bá ṣì í kọ, abẹ́ Broken Themes lẹ máa bá tíìmù ọmọ yín, WordPress á ní òun ò rí òbí ẹ̀.

Ẹ wá da footer.php òbí kọ sínú fódà ọmọ, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Activate. Ti ọmọ ni WordPress á máa lò, ti òbí á kàn wà níbẹ̀, ọ́pídéètì lè ṣe é bó ṣe fẹ́.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣubú ni functions.php, wọ́n á rò pé bákan náà ló rí, wọ́n á da ti òbí kọ lódindi. Rárá o, méjèèjì ni WordPress ń lò, ti ọmọ ló sì kọ́kọ́ ń kà, tó bá wá dé ti òbí tó tún bá orúkọ fọ́ńṣọ̀n kan náà, sáìtì á dákú, ẹ máa rí "Cannot redeclare" nínú lọ́ọ̀gù. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún un nìkan ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, Twenty Twenty-One ò ní í fúnra ẹ̀ gbé style.css ọmọ wọlé, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ CSS sínú ẹ̀:

```php
<?php
add_action( 'wp_enqueue_scripts', function () {
  wp_enqueue_style( 'omo-style', get_stylesheet_uri(),
    array( 'twenty-twenty-one-style' ) );
} );
```

Tẹ́ ẹ bá tẹ Activate tẹ́ ẹ wá rí i pé Additional CSS yín ti ṣófo, ẹ má pariwo, kò sọnù. Tíìmù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ padà sórí òbí, ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọmọ. Ká sòótọ́, tó bá jẹ́ CSS díẹ̀ yẹn nìkan lẹ nílò, ẹ ò nílò tíìmù ọmọ rárá.

Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé footer.php tẹ́ ẹ dà kọ yẹn ò ní í kúrò níbi tẹ́ ẹ bá a. Tí òbí bá tún tiẹ̀ ṣe lọ́la, bóyá wọ́n dí ihò kan nínú ẹ̀, kò ní í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kéèyàn máa da gbogbo fáìlì kọ "bóyá màá lò ó," èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yí gan-an ni kẹ́ ẹ mú, lẹ́yìn ọ́pídéètì ńlá kẹ́ ẹ ṣí footer.php méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wo ohun tí òbí yí kẹ́ ẹ fi kún tiyín.