Orúkọ Onídùúró Nínú Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó

Ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń kọ nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá jókòó ni à ń pè ní àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó. Ohun tí wọ́n pinnu ló wà fún: ta ni wọ́n yọ̀ǹda owó fún, èló ni, oṣù mélòó ni yóò fi san án, àwọn wo ló sì dúró fún un. Ariwo tí ẹnì kan pa níbẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ti onídùúró ni àwọn akọ̀wé máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Tejúoṣó, ní Yábàá, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ti fi 300,000 náírà pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ó sì béèrè fún 700,000 náírà láti fi ra ọjà. Òfin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá ju ìlọ́po méjì owó tó fi pamọ́ lọ, nítorí náà 600,000 náírà ni ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí. Iye méjèèjì ni akọ̀wé yóò kọ, èyí tí a béèrè àti èyí tí a yọ̀ǹda, kí ẹni tó bá fi ìwé náà wé fọ́ọ̀mù ní ẹ̀yìn ọ̀la má bàa rò pé ẹnì kan ló yí nọ́ńbà padà.

Bí olùyáwó kò bá rí owó san, 300,000 tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ mú, 300,000 yòókù, láìka èlé, yóò sì kan àwọn onídùúró méjì, 150,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó le. Onídùúró kìíní ní 400,000 náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ó sì ti fi 150,000 nínú rẹ̀ dúró fún ẹlòmíràn, nítorí náà 250,000 ló ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó. Onídùúró kejì ní 200,000, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ jẹ ẹgbẹ́ ní 180,000. Ogún ẹgbẹ̀rún péré ló lè fi dúró, bó ti wù kó jẹ́ ènìyàn rere tó. Bí akọ̀wé bá kọ “àwọn onídùúró méjì pé” lásán, àléébù yìí yóò fara pamọ́ títí di ọjọ́ tí gbèsè bá di ìjà. Bó ṣe yẹ kó wà rèé:

“Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí 600,000 náírà (ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà) fún Lágbájá, láti san láàárín oṣù 12. Onídùúró kìíní ni Tàmẹ̀dù, owó rẹ̀ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ 250,000 náírà. A kò gba onídùúró kejì nítorí gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Akápò kò ní san owó náà títí Lágbájá yóò fi mú ẹlòmíràn wá, tí ìgbìmọ̀ yóò sì gbà á.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé yìí kò sọ Tàmẹ̀dù di onídùúró. Ìbuwọ́lù òun fúnra rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù ìdúró ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tí kò buwọ́ lù ohunkóhun kò lè fi í sínú gbèsè, bí akọ̀wé tilẹ̀ kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ni láti so fọ́ọ̀mù náà mọ́ ìpinnu, kí orúkọ, iye owó àti iye oṣù inú ìwé méjèèjì lè bára mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú ni ìgbà tí olùyáwó bá padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ oṣù 12 di 18. Ìgbìmọ̀ a fọwọ́ sí i, kò sì ní sẹ́ni tó rántí pe àwọn onídùúró. Nígbà tí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ Tàmẹ̀dù, yóò ní ohun tí òun dúró fún kọ́ nìyí, òfin sì lè gbè é. Ìpàdé tó bá yí àdéhùn padà gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n gbọ́, wọ́n gbà, wọ́n sì tún buwọ́ lù ú.

Bí olùyáwó tàbí onídùúró bá jẹ́ ọ̀kan lára ìgbìmọ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ó bọ́ síta nígbà tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kó sì kọ iye ènìyàn tó kù nínú yàrá, nítorí pé bí wọn kò bá tó iye tí òfin ẹgbẹ́ béèrè, ìpinnu náà kò múlẹ̀.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti máa ń ka àkọsílẹ̀, tí alága àti akọ̀wé yóò sì buwọ́ lù ú. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, a kì í fi funfun pa á rẹ́; ìlà kan la máa ń fà sórí rẹ̀ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà, a ó sì kọ àtúnṣe sínú àkọsílẹ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n olùyáwó kì í fẹ́ dúró di oṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, kí akápò tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì, kí alága àti akọ̀wé buwọ́ lu ẹ̀dà abala tó kan olùyáwó náà nìkan, kí akápò sì fi í sínú fáìlì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àwọn onídùúró méjèèjì.